Gbòǹgbò inú gbòǹgbò: ìgbà wo ni dìgírì jẹ́ 4?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ọ̀gá mi, wọ́n ní ká wá dìgírì fíìdì tí √(1+√2) dá sílẹ̀ lórí Q. Mo rí gbòǹgbò méjì, mo ní 2 × 2 = 4, mo sì gbà á. Mo ṣe bákan náà fún √(3+2√2), wọ́n ní kò rí bẹ́ẹ̀. Níbo ni mo ti ṣìnà?

Ìdáhùn: Ìsọdipúpọ̀ rẹ kò láìfí. Ohun tí o kò yẹ̀ wò ni bóyá àkàsọ̀ kejì gbé ọ gòkè rárá.

Láti Q dé Q(√2), nọ́ńbà méjì péré, 1 àti √2, la fi ń kọ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀: a + b√2, tí a àti b wà nínú Q. Dìgírì 2 nìyẹn. Ká wá fi β = √(1+√2) kún un. Bí β kò bá sí nínú Q(√2) tẹ́lẹ̀, gbogbo nọ́ńbà fíìdì tuntun náà yóò jẹ́ u + vβ. Ṣùgbọ́n u àti v fúnra wọn jẹ́ a + b√2, nítorí náà tí o bá tú wọn, 1, √2, β àti β√2 ló máa kù. Mẹ́rin. Òfin ilé ìṣọ́ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: tí a bá pe Q(√2) ní K, tí a sì pe fíìdì tuntun náà ní L, dìgírì L lórí Q jẹ́ [L:Q] = [L:K] × [K:Q].

"Bí kò bá sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀" yẹn ni gbogbo ẹjọ́. Ká ní β wà nínú Q(√2), a jẹ́ pé (a + b√2)² = 1 + √2, ìyẹn ni pé a² + 2b² = 1, 2ab sì jẹ́ 1. Ìdọ́gba méjì yìí kan náà ló ń sọ pé (a − b√2)² = 1 − √2. Àmọ́ 1 − √2 kéré sí òdo, kò sì sí nọ́ńbà gidi tí a sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ tó máa kéré sí òdo. Nítorí náà β kò sí níbẹ̀, dìgírì ìpele kejì jẹ́ 2. Q(β) sì ti ní √2 nínú, nítorí √2 = β² − 1. Lápapọ̀, 4.

Ṣe é fún 3 + 2√2 báyìí: a² + 2b² = 3, ab = 1. Ojú ẹsẹ̀ lo máa rí i pé a = b = 1. √(3+2√2) kò ju 1 + √2 lọ! Dìgírì ìpele kejì jẹ́ 1, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 2.

Má sì jẹ́ kí ìdọ́gba tàn ọ́ jẹ. Tí o bá pa gbòǹgbò rẹ́ lára α = √(3+2√2), wàá kan α⁴ − 6α² + 1 = 0, 4 tó wà lórí rẹ̀ sì lè mú ọ kọ 4. Ṣùgbọ́n ó pín sí (x² − 2x − 1)(x² + 2x − 1), èyí àkọ́kọ́ ló sì ni α. Ti β, x⁴ − 2x² − 1, kò pín báyẹn lórí Q.

Irú èrò yìí ni Pierre Wantzel lò lọ́dún 1837 nígbà tó fi hàn pé rúlà àti kọ́ńpáàsì kò lè ya ∛2. Bó ti wù kí o to gbòǹgbò onípò kejì sínú ara wọn tó, ìsọdipúpọ̀ 2 àti 1 nìkan lo máa rí, ∛2 sì ní dìgírì 3, èyí tí kò lè pín 2, 4 tàbí 8 láìṣẹ́kù.