Èsì: Ìtumọ̀ Àmín àti bí àwọn ẹlẹ́sìn ṣe ń lò ó

“Ẹ jọ̀ọ́, kí ni Àmín túmọ̀ sí gan-an, ṣé bákan náà sì ni gbogbo ẹlẹ́sìn ṣe ń lò ó?”

Ẹ kú ìbéèrè o. Inú èdè Hébérù ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, ohun tó dúró ṣinṣin ló sì ń tọ́ka sí. Ẹni tó bá ṣe Àmín ti fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́. Kì í ṣe àdúrà rere nìkan ni wọ́n ń ṣe é sí: nínú Deuteronomi orí 27, ègún 12 ni àwọn ọmọ Léfì ní láti kà, kí gbogbo èèyàn sì ṣe Àmín sí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìdí nìyí tí àwọn Júù kì í fi í ṣeré. Ẹni tó súre kì í sábà ṣe Àmín sí ìre ara rẹ̀. Àwọn tó ń gbọ́ ló ń dáhùn, wọn kò sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí ìre náà tó parí. Bí ẹnì kan bá dáhùn láì gbọ́ ìre náà rárá, Àmín ọmọ òrukàn ni wọ́n ń pe tirẹ̀. Àwọn Kristẹni ní tiwọn ń fi í parí àdúrà tí wọ́n dá gbà.

Ní ti Mùsùlùmí, ẹ̀yìn Fátíhà, súrà àkọ́kọ́ nínú Kùránì, ni wọ́n ń ṣe Àmín nínú ìrun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí lára súrà náà. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é yàtọ̀ láàrin àwọn ilé ẹ̀kọ́ òfin Ìsìláàmù: nínú ìrun tí wọ́n ń ké jáde, àwọn ọmọlẹ́yìn Ṣáfíì máa ń gbé e sókè, àwọn ti Hánáfì ń sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ti Málíkì, tó gbilẹ̀ láàrin àwa Yorùbá. Nítorí náà, bí ẹ bá kírun ní mọ́ṣáláṣí kan tí ẹ kò gbọ́ Àmín, ẹ má rò pé wọ́n fò ó.