Má da pupa ẹyin nù

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará jíìmù, ṣé òótọ́ ni pé inú funfun ẹyin nìkan ni purotéènì wà? Ojoojúmọ́ ni mò ń da pupa rẹ̀ nù.”

Àbúrò mi, dákun, má dà á nù mọ́. Nínú ẹyin ńlá kan, funfun ní purotéènì bíi gíráàmù 3.6, pupa sì ní bíi 2.7. O rí i pé ohun tí ò ń dà nù kò kéré, owó lo sì fi rà á.

Ní 2017, àwọn olùwádìí Yunifásítì Ílínọ́ìsì ní Amẹ́ríkà fún àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́wàá tó ti gbé irin tán ní gíráàmù 18 purotéènì: lọ́jọ́ kan láti inú odidi ẹyin, lọ́jọ́ mìíràn láti inú funfun nìkan. Iye kan náà ni o, síbẹ̀ odidi ẹyin ló mú kí iṣan wọn ṣe purotéènì tuntun jù. Àmọ́ wákàtí díẹ̀ péré ni wọ́n fi wò ó, nítorí náà kò tíì fi hàn pé apá rẹ yóò tóbi jù lẹ́yìn oṣù mélòó kan.

Tí o bá ń dín ọ̀rá kù nìkan ni mo máa ní kí o fi funfun kún un, torí kálórì funfun kan ò ju bíi 17 lọ, ti pupa sì tó 55. Odidi méjì pẹ̀lú funfun mẹ́ta yóò fún ọ ní nǹkan bíi gíráàmù 23. Kí o sè é jinná o. Bí o bá mu ún ní tútù, ara ò ní lè lo purotéènì rẹ̀ tó bó ṣe máa lo ti èyí tí a sè.