Àmì ìsopọ̀ nínú ìwé àdéhùn: ṣé “set-off” àti “set off” yàtọ̀ síra?

Ìbéèrè: Mo ń yẹ ìwé àdéhùn kan tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ wò fún ọ̀gá mi. Mo rí “set-off”, “set off” àti “setoff” nínú rẹ̀, mo sì tún rí “Sub-Contractor” àti “subcontractor”, pẹ̀lú “non-compete” àti “non compete”. Ṣé ohun kan náà ni wọ́n, àbí àmì kékeré yẹn ní ìtumọ̀?

Ìdáhùn: Nínú àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́, méjì lè jọ gbé inú ìwé kan náà láìsí àṣìṣe, ìkẹta ni kò yẹ kó bá wọn wà níbẹ̀.

“Set off” tí a kọ ní ọ̀rọ̀ méjì jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣe. Bí mo bá jẹ ẹni tó ta ọjà fún mi ní 1,000, tí òun náà sì jẹ mí ní 300 nítorí pé apá kan ọjà náà bàjẹ́, tí mo wá yọ 300 náà kúrò, tí mo sì san 700, ohun tí mo ṣe ni ọ̀rọ̀ ìṣe náà ń sọ. “Set-off” tí a fi àmì so pọ̀ ni ọ̀rọ̀ orúkọ, ìyẹn orúkọ ìyọkúrò náà tàbí ẹ̀tọ́ tí onígbèsè ní láti ṣe é. Ìdí nìyí tí abala kan fi lè sọ pé “the Buyer may set off any sum”, tí abala mìíràn sì sọ pé kí wọ́n san owó “without set-off”, tí àwọn méjèèjì sì tọ̀nà.

Bí ẹ bá ń ṣiyè méjì, ẹ gbìyànjú láti ki ọ̀rọ̀ bọ àárín rẹ̀. “May set the sum off” ṣeé sọ, nítorí náà ọ̀rọ̀ ìṣe ni, kò sì fẹ́ àmì. Bẹ́ẹ̀ náà ni “setting off”. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ẹ lè ki bọ àárín “a right of set-off”. Àṣìṣe tí mo sábà máa ń rí ni pé ẹnì kan pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà kó yí gbogbo “set off” padà sí “set-off” lẹ́ẹ̀kan náà, tí “may set-off” sì gba gbogbo ìwé náà kan.

Ní ti “setoff”, àṣà ìkọ̀wé Amẹ́ríkà ni: bẹ́ẹ̀ ni abala 553 òfin wọn lórí àwọn tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn ṣe kọ ọ́, nígbà tí òfin 14.25 nínú ìlànà ọdún 2016 ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales lórí ọ̀rọ̀ kan náà kọ “set-off”. Ẹ mú èyí tó bá òfin tó ń darí àdéhùn yín mu, àyàfi níbi tí ẹ bá ti ń fa ọ̀rọ̀ inú òfin yọ, nítorí bí òfin bá ṣe kọ ọ́ ni kí ẹ fi sílẹ̀.

“Sub-Contractor” ló yẹ kó kó yín láyà jù. Ká ní abala 1 sọ pé “Sub-Contractor” ni àwọn tí orúkọ wọn wà nínú àfikún kejì, tí abala 9 sì ní kí agbaṣẹ́ṣe má ṣe pààrọ̀ “any subcontractor” láìgba àṣẹ. Ṣé àwọn tí orúkọ wọn wà nínú àfikún nìkan ni abala 9 ń sọ, àbí ẹnikẹ́ni tó gba apá kan iṣẹ́ náà ṣe? Agbẹjọ́rò tó bá fẹ́ kó gbòòrò yóò sọ pé ọ̀rọ̀ tó yàtọ̀, ìtumọ̀ tó yàtọ̀. Adájọ́ yóò wo gbogbo ìwé náà pọ̀, mi ò sì rò pé àmì ìsopọ̀ nìkan ni yóò dá ẹjọ́ náà. Lẹ́tà ńlá tó sọnù ló wúwo jù ú lọ. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn méjèèjì bá sọnù pọ̀, ẹ ti fún agbẹjọ́rò náà ní ohun tí yóò jà lé lórí.

“Non-compete” kò le tó bẹ́ẹ̀. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ni “non”, kò lè dá dúró, nítorí náà “non compete” kò tọ̀nà níbikíbi. Yálà kí ẹ fi àmì sí i tàbí kí ẹ kọ ọ́ pọ̀, kó ṣáà jẹ́ ọ̀kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àkọlé abala náà kò gbẹ́yìn.

Nígbà tí ẹ bá ń wá wọn nínú Word, ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Ẹ wá “subcontract”, “sub-contract” àti “sub contract” lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì wá “sub^~contract” pẹ̀lú. Àmì kan wà tí “^~” dúró fún, tí a ń fi `Ctrl+Shift+_` tẹ̀, kí ọ̀rọ̀ má bàa já sí méjì ní ìparí ìlà. Lójú, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí àmì ìsopọ̀ lásán, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi àmì lásán wá a, Word yóò fò ó kọjá.