Ọmọ tí kì í jẹ ẹ̀fọ́: ilá tí a dín gbẹ ni mo fi bẹ̀rẹ̀

"Ẹ̀yin ìyá, ẹ dákun, ẹ gbà mí. Ọmọ mi ọkùnrin pé ọdún 2 lóṣù tó kọjá, kò sì fẹ́ rí ẹ̀fọ́ sójú. Ewédú, ilá, tẹ̀tẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ń tu dànù. Àǹtí mi ní kí n máa lọ̀ ọ́ mọ́ oúnjẹ kó má baà mọ̀. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀? Kí ni mo tún lè sè fún un?"

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Ẹ má bínú sí àǹtí yín, ṣùgbọ́n ẹ má lọ̀ ọ́ mọ́ nǹkan kan. Mo ti ṣe é rí, ojú mi sì rí nǹkan. Àjàní mi jẹ́ ọmọ ọdún 2 àti oṣù 3 nígbà yẹn, mọ́ínmọ́ín ló sì fẹ́ràn jù láyé. Mo lọ tẹ̀tẹ̀ mọ́ ẹ̀wà, mo fi epo pupa bo àwọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní ó jẹ ẹ́ tán. Lọ́jọ́ kejì, ewé kékeré kan tí ẹ̀rọ ò lọ̀ kúnná lẹ̀ mọ́ ọn láhọ́n. Ó fi ìka yọ ọ́, ó wo ewé náà, ó wá wojú mi. Nǹkan bí oṣù 2 gbáko ni kò fi fẹnu kan mọ́ínmọ́ín mọ́. Ẹ̀fọ́ tí mò ń wá, n ò rí i. Mọ́ínmọ́ín tí mo ní tẹ́lẹ̀, ó tún bọ́ lọ́wọ́ mi. Kódà ká ní kò rí ewé yẹn, kò tíì mọ̀ pé tẹ̀tẹ̀ lòun jẹ. Bí mo bá gbé tẹ̀tẹ̀ síwájú rẹ̀ lọ́la, àlejò ni yóò ṣì jẹ́ lójú rẹ̀.

Ohun tó là mí lójú ni àkàrà. Mo ṣàkíyèsí pé ara àkàrà tó gbẹ, tó pọ́n, ló máa ń ṣí jẹ, yóò fi inú rẹ̀ tó rọ̀ sílẹ̀. Etí dòdò tó gbẹ náà ló ń mú. Ṣé ẹ rí i, kì í ṣe adùn ẹ̀fọ́ ló ń sá fún, bó ṣe ń yọ̀ lẹ́nu ni. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ọmọ yín ń jẹ tayọ̀tayọ̀. Ṣé gbígbẹ ni àbí rírọ̀? Ibẹ̀ ni kí ẹ ti mú ẹ̀fọ́ tí ẹ máa fún un.

Ilá ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń ṣà á ní Ọjà Ọba, àwọn kéékèèké tí kò gùn ju ìka lọ. Mo máa ń ṣẹ́ ṣóńṣó orí rẹ̀ wò: èyí tó bá ṣẹ́ pá ni mo ń mú, èyí tó bá ń tẹ̀ ti gbó, okùn rẹ̀ á sì há sí ọmọ léyín. (Ìyá olóbẹ̀ kan máa ń pariwo lé mi lórí nítorí ẹ̀. Ẹ kó owó sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ ẹ.) Mo fọ ẹyọ 8, mo fi aṣọ nù ún gbẹ kí n tó fọwọ́ kan ọ̀bẹ. Mo gé orí rẹ̀ sọ nù, mo là á sí méjì ní gígùn, bí ó bá sì tóbi, sí mẹ́rin. Fúráìpáànù ti gbóná kí òróró ṣíbí kan tó wọ inú rẹ̀. Mo tẹ́ ilá náà síbẹ̀, ojú tí mo là ni mo dà délẹ̀, mi ò jẹ́ kí ọ̀kan gun èkejì. Mi ò rò ó. Bí ìṣẹ́jú 4 bá kọjá, mo yí i, ó tún lo bí ìṣẹ́jú 4. Ìgbà tí mo bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ni mo ń wọ́n iyọ̀ díẹ̀ sí i.

Omi àti rírò ló ń mú ilá fà. Ìdí nìyí tí a fi ń gé e wẹ́wẹ́, tí a ń pò ó, tí a tún ń fi káún sí i, nígbà tí a bá fẹ́ kó fà dáadáa. Iná gbígbẹ ń gba omi náà kúrò, ara ilá á pọ́n, á sì máa rún wómúwómú. Ní ìgbà àkọ́kọ́, mo dé e lómọrí kó lè tètè jinná. Ooru dá omi sí i lára, ló bá di ọbẹ̀. Bí ẹ bá rí okùn tó ń ta láàárín ilá àti ṣíbí, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ kó o sínú ọbẹ̀ tiyín.

Ẹyọ 2 péré ni mo fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrẹsì rẹ̀, wọn ò kan ara wọn. Mo sọ fún un pé, "Ilá nìyí." Mi ò bẹ̀ ẹ́, mi ò sì na pàṣán. Ó jù ú sílẹ̀. Nígbà kẹta ó fi eyín kan ilá náà, ó sì tutọ́. Nígbà keje ló gbé ọ̀kan mì. Ìyá ọkọ mi ní mò ń fi oúnjẹ ṣeré, ṣùgbọ́n ó lè tó ìgbà 10 sí 15 kí ọmọ tó gba oúnjẹ tí kò mọ̀, ọ̀pọ̀ wa ló sì ń jáwọ́ ní ìgbà kẹta. Nígbà tó ń bèèrè rẹ̀ fúnra rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dín bí mo ṣe ń yan án kù díẹ̀díẹ̀, kó lè máa yọ̀ díẹ̀. Ní bí oṣù 4 lẹ́yìn náà, ó ti ń fi òkèlè kan ilá gbígé nínú àwo kékeré tirẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da ọbẹ̀ lé àmàlà rẹ̀ lórí. Ẹ jẹ́ kó fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ ọ.

Ní ti tẹ̀tẹ̀, okùn igi rẹ̀ ló ń dí wọn lọ́fun. Ewé nìkan ni kí ẹ já, ẹ bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 2, ẹ fún omi rẹ̀ dànù, kí ẹ wá rẹ́ ẹ ní ìbú kó má baà ta okùn. Mo máa ń dín ìkúnwọ́ kan pẹ̀lú ẹyin 2, mo sì ń gé e gbọọrọgbọọrọ bí ìka. Ẹ ò ní ṣàì rí ewé rẹ̀ lójú ẹyin náà, ó sì mọ̀ pé tẹ̀tẹ̀ ni. Elégédé ń lọ bíi dòdò, ẹ ṣáà dín in. Kárọ́ọ̀tì tútù le jù fún ọmọ ọdún 2, ó lè há a lọ́fun. Ẹ sè é títí ìka méjì yóò fi tẹ̀ ẹ́ fọ́. Bó bá sì ń jẹ, ẹ jókòó tì í.

Bó bá jẹ́ pé gbogbo oúnjẹ tó ní kókó ló ń mú un bì, tàbí tó ń rù, tàbí tí oúnjẹ tó ń jẹ tẹ́lẹ̀ ń dín kù lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyẹn kọjá ọ̀rọ̀ fúráìpáànù, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù.

Ewédú la ṣì ń bá fà á. Lánàá ó ti ìka bọ inú àwo, ó fà á sókè, ó wo bó ṣe ń ta okùn, ó rẹ́rìn-ín, ó sì nù ún sí ìró mi.