Bí a ṣe ń bọ́ kóòtù òtútù kúrò lára ẹni tó wà nínú fótò

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyá wa ní Kétu fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí 70 ọdún, gbogbo àwa ọmọ la sì máa wà lórí báńà nínú àǹkárá kan náà. Fótò tí ìyá fẹ́ràn jù lára ti àbúrò wa tó wà ní Kánádà ni èyí tó yà níwájú ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, àmọ́ kóòtù òtútù tó wú ló wọ̀, pẹ̀lú ìborùn pupa, fìlà òwú àti ìbọ̀wọ́. Mo gbìyànjú láti fi bùbá rọ́pò rẹ̀ nínú GIMP tí mo fi ń tún fótò ṣe lórí kọ̀ǹpútà, ó wá dà bí ẹni pé mo gbé orí rẹ̀ lé ara ẹlòmíì. Kí ni kí n ṣe tí ìdúró rẹ̀, ara rẹ̀ àti ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ kò fi ní yí padà?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ o, Ọlọ́run á jẹ́ kí ìyá pẹ́ fún wa. Mo wo fótò méjèèjì tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi ní Àjàṣẹ́ níbí. Orí yẹn kò ní ẹ̀bi. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹ fi bùbá kún gbogbo ibi tí kóòtù dé, bẹ́ẹ̀ kóòtù yẹn tóbi ju ẹni tó wà nínú rẹ̀ lọ dáadáa. Àbúrò yín wá di alágbára lóru ọ̀gànjọ́ kan. Kí ẹ tó fọwọ́ kan aṣọ rárá, ẹ kọ́kọ́ wá ara rẹ̀ rí nínú kóòtù.

Fìlà bo àtàrí rẹ̀, nítorí náà a ò lè wọn orí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àmọ́ ojú èèyàn àgbà máa ń wà ní nǹkan bí ìdajì orí. Mo fi irinṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Measure wọn fótò yín láti ìlà ojú dé ìsàlẹ̀ àgbọ̀n, ó jẹ́ píkísẹ́lì 70. Orí rẹ̀ jẹ́ 140 nìyẹn. Èjìká ọkùnrin sábà máa ń fi díẹ̀ ju gígùn orí méjì lọ, ẹ jẹ́ ká pè é ní 300. Kóòtù náà sì fẹ̀ tó 350 ní èjìká. Píkísẹ́lì 25 ló wú jáde lọ́wọ́ ọ̀tún, 25 lọ́wọ́ òsì. Tí a bá ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú orí tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 23, ó jẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà 4 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àṣìṣe tí ojú ìyá rí nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní lè sọ ibi tó wà.

Òṣùwọ̀n ìwé ni èyí o, èèyàn kì í sì í rí bákan náà. Ẹ ní kí àbúrò yín dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nínú ilé, kó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó là lọ́rùn, kó ṣí orí, kó gbé àgbọ̀n síbi tó gbé e sí nínú fótò àkọ́kọ́, kí ẹnì kan sì yà á láti nǹkan bíi mítà mẹ́ta. Kó fi ránṣẹ́ bíi Document lórí WhatsApp, torí fótò tí a bá fi ránṣẹ́ lásán máa ń dín kù lọ́nà. Fótò yìí yóò ṣiṣẹ́ méjì fún yín: ẹ ó fi wo bí èjìká rẹ̀ ṣe fẹ̀ sí ojú rẹ̀ gan-an, ẹ ó sì rí ọrùn àti iwájú orí tí ẹ máa nílò níwájú.

Ó wá kan aṣọ. Bùbá tí ẹ lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ yà á lórí hángà, àbí? Mo rí i. Aṣọ tí kò sí ara nínú rẹ̀ kì í wúnjọ níbi tó yẹ. Àbúrò yín ki ọwọ́ òsì bọ àpò kóòtù, ìgúnpá rẹ̀ sì tẹ̀. Bí ọwọ́ bá tẹ̀ báyìí, aṣọ á wúnjọ ní inú ìgúnpá, á fà láti abíyá wá sí àpò, ìsàlẹ̀ bùbá á sì gbéra díẹ̀ lápá ibẹ̀. Kò sí ẹni tó lè fi ọwọ́ ya ìyẹn lórí kọ̀ǹpútà kó dára, pàápàá lórí àǹkárá tí òdòdó rẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ pẹ̀lú ìwúnjọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá ẹnì kan nínú ẹbí tí ara rẹ̀ bá ti àbúrò yín mu, kí aránṣọ rán bùbá náà pẹ̀lú àpò ẹ̀gbẹ́, kí onítọ̀hún wọ̀ ọ́, kó sì dúró gẹ́lẹ́ bí àbúrò yín ṣe dúró. Ẹ fi fótò náà hàn án lórí fóònù, àmọ́ kó má wò ó bí ẹni wo dígí: ọwọ́ òsì gan-an ni kó ki bọ àpò.

Bí ẹ ṣe máa yà á ṣe pàtàkì ju fóònù tí ẹ máa lò lọ. Ẹ wo ìlà bíríkì tó wà lẹ́yìn àbúrò yín. Nítorí pé ògiri náà dagun díẹ̀, àwọn ìlà òkè ń sọ̀kalẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lọ jìnnà, àwọn ti ìsàlẹ̀ sì ń gòkè. Èyí tó tẹ́jú láìgòkè láìsọ̀kalẹ̀ ni ó wà ní gíga ojú fóònù tó yà á. Nínú fótò yín, ó bá àyà rẹ̀ mu. Ẹ gbé fóònù tiyín sí gíga àyà, kí ẹ sì dúró jìnnà tó mítà mẹ́ta. Tí ẹ bá sún mọ́ ọn, ikùn àti ọwọ́ iwájú á tóbi kọjá bó ṣe yẹ, orí àbúrò yín kò sì ní bá a lọ mọ́.

Ìmọ́lẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù. Ọ̀run ṣú níbi tí wọ́n ti ya àbúrò yín, ìmọ́lẹ̀ rọra ń bọ̀ láti òkè, kò sí òjìji tó mú. Yìnyín tó wà nílẹ̀ sì ń dá ìmọ́lẹ̀ funfun padà sókè, ìdí nìyẹn tí abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ kò fi ṣókùnkùn púpọ̀. Ẹ má ya bùbá nínú oòrùn ọ̀sán. Ẹ má yà á lábẹ́ igi máńgòrò, ewé á fi àwọ̀ ewé sí i, bẹ́ẹ̀ ni táńpólì aláwọ̀ búlúù á fi tirẹ̀ sí i. Òjìji ilé tí ojú ọ̀run ṣí síwájú rẹ̀ ló dára. Ilẹ̀ Kétu sì pupa, ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ: pupa yẹn á ta sókè sí abẹ́ apá àti ìsàlẹ̀ aṣọ. Ẹ tẹ́ aṣọ ìbùsùn funfun síwájú ẹsẹ̀ ẹni tí ẹ ń yà. Á bo ilẹ̀ pupa, á sì ṣe iṣẹ́ yìnyín. Tí àwọ̀ bá ṣì yàtọ̀ díẹ̀, ẹ fi èyí tún un ṣe lórí bùbá nìkan, kí ẹ má fọwọ́ kan ojú àbúrò yín:

```
Colors > Color Temperature...
Colors > Curves...
```

(Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi GIMP tèmi sí, torí ọ̀dọ̀ àwọn ará Èkó ni mo ti kọ́ ọ. Tí tiyín bá jẹ́ Faransé, ibì kan náà ni wọ́n wà.)

Ẹ gbé bùbá wọlé sórí fótò àbúrò yín, ẹ sọ ọ́ di ńlá tàbí kí ẹ dín in kù títí èjìká á fi fẹ̀ tó 300 tí a ṣírò. Ẹ má fà á sí ẹ̀gbẹ́ nìkan, òdòdó àǹkárá á di ẹyin. Ẹ fi `Layer > Mask > Add Layer Mask...` bo ohun tí ẹ kò fẹ́, kí ẹ má pa á rẹ́, torí ẹ máa nílò rẹ̀ padà.

Orí ní ọgbọ́n tirẹ̀. Fìlà òwú yẹn sọ̀kalẹ̀ bo ìdajì iwájú orí àti etí méjèèjì. Tí ẹ bá fi gọ̀bì rọ́pò rẹ̀, ẹ ní láti wá etí tuntun. Mo máa ń lo abetí ajá fún irú èyí: ẹ fa etí fìlà náà wálẹ̀, ó bo etí èèyàn, ó sì bá aṣọ mu. Iwájú orí tó kù, ẹ mú un láti inú fótò ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ọrùn náà bẹ́ẹ̀. Ibi tí ọrùn àti àgbọ̀n ti pàdé ni kí ẹ fi ìlà ìdàpọ̀ sí, lábẹ́ àgbọ̀n níbi tó ti ṣókùnkùn díẹ̀, kì í ṣe láàárín ọrùn.

Ẹ tún wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ nísàlẹ̀. Ó pọ́n. Ìborùn ló ta pupa sí i. Ìborùn á lọ, pupa á kù, ẹni tó bá wò ó á rí i pé nǹkan kan ń ṣe ojú yẹn. Ẹ yan ibẹ̀ nìkan, kí etí ibi tí ẹ yàn rọ̀ dáadáa, kí ẹ lo `Colors > Hue-Saturation...` láti dín pupa kù díẹ̀díẹ̀. Ìbọ̀wọ́ kò le: ọwọ́ òsì wà nínú àpò, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló hàn, ọwọ́ ẹni tó wọ bùbá á sì dípò rẹ̀ bí àwọ̀ ara wọn bá sún mọ́ra. Ẹ jẹ́ kí apá bùbá gùn dé ọrùn ọwọ́, kí awọ tí ẹ máa bá jà lè kéré.

Nísinsìnyí, bùbá kò dé ibi tí kóòtù dé mọ́. Ní èjìká àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ apá, etí kóòtù á ṣì máa yọ jáde. Bíríkì ló yẹ kó wà níbẹ̀. Ẹ lo Clone, irinṣẹ́ tó ń da ibì kan nínú fótò kọ sí ibòmíì, kí ẹ mú bíríkì láti ìlà kan náà, ní apá kan náà lára ògiri, kí sìmẹ́ńtì àárín wọn lè bá ara wọn tò. Tí ẹ bá mú un láti òkè tàbí láti ibi tó jìnnà, ìlà á ṣẹ́. Ní ti yìnyín tó wà nílẹ̀ àti igi tí kò léwé lápá òsì, èmi ò ní í fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹ gé fótò náà láti òkè orúnkún, kó kù sí ògiri àti ẹnu ọ̀nà. Ògiri kò ní òtútù, bàtà yìnyín á sì bá a lọ láìsí wàhálà.

Ẹ̀yìn èyí ni òjìji kékeré: abẹ́ fìlà lórí iwájú orí, abẹ́ àgbọ̀n lórí ọrùn bùbá, àárín apá àti ìhà. Ẹ ṣí ìpele tuntun, ẹ fi sí `Multiply`, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ kùn ún, kí ẹ dín agbára rẹ̀ kù sí bíi 30. Fótò fóònù tún máa ń ní wóró-wóró, èyí tó wà lára ògiri gbọ́dọ̀ wà lára bùbá. `Filters > Noise > RGB Noise...` á ṣe é, ìwọ̀nba kékeré ni o.

Láti mọ̀ bóyá ó dára, ẹ sọ ẹ̀dà rẹ̀ di dúdú àti funfun. Àwọ̀ àǹkárá máa ń tan ojú jẹ. Tí bùbá bá ṣì fò jáde nígbà tí kò sí àwọ̀ mọ́, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ló pọ̀ jù, ẹ padà sí `Curves`. Ẹ tún yí i bí inú dígí, ojú yín á rí i bí ti àlejò.

Ògiri ni kí ẹ wò kẹ́yìn. Mo ṣe irú iṣẹ́ yìí fún ìdílé kan níbí nígbà kan, oòrùn mú lọ́jọ́ tí wọ́n ya ọmọ wọn. Mo yọ kóòtù, mo yọ fìlà ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, agbádá jókòó lára rẹ̀ dáadáa. Ọmọdé kan ló dúró níwájú báńà tó ń bi ìyá rẹ̀ pé kí ló dé tí òjìji bùọ̀dá fi ní fìlà ṣóńṣó lẹ́yìn ọrùn. Kóòtù yẹn ṣì wà lára ògiri. Nínú fótò tiyín ọ̀run ṣú, òjìji kò mú, àmọ́ ó wà lápá ọ̀tún, ó rọ̀, ó sì wú bíi kóòtù. Ẹ fi Clone dín in kù níwọ̀n píkísẹ́lì 25 yẹn náà.