Owó oṣooṣù fún ẹni tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́

"Ẹ̀rọ gé ìka mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún ọkọ mi níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta l'Ábẹ́òkúta. Báwo ni dókítà ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò, èló sì ni NSITF, àjọ ìjọba tó ń sanwó fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, máa san?"

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ó dìgbà tí ojú egbò bá san tán, torí ohun tí kò ní padà mọ́ ni dókítà ń wò: ṣé ọwọ́ náà ṣì lè di nǹkan mú, ṣé ó lè gbé ẹrù? Àtẹ kan wà lẹ́yìn òfin ọdún 2010 tó dá lórí owó òṣìṣẹ́ tó fara pa, tó sọ iye tí ìpalára kọ̀ọ̀kan jẹ́ nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ló ń pinnu owó.

Owó tó ń rí tẹ́lẹ̀ àti èyí tó ṣì lè rí ni wọ́n ń fi wéra. Ká ní ₦120,000 ló ń gbà lóṣù, tí àjọ sì gbà pé iṣẹ́ tó lè ṣe báyìí kò lè mú ju ₦70,000 wá. ₦50,000 ló pàdánù. Ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni wọn yóò máa san lóṣooṣù, ìyẹn ₦45,000. Tó bá jẹ́ pé kò lè ṣiṣẹ́ kankan mọ́ láé ni, ìdá 90 owó oṣù rẹ̀ lódindi ni: ₦108,000.

Ìwé dókítà tó kọ "ó fara pa lọ́wọ́" péré ló sábà máa ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ẹ ní kó kọ oríkèé tí ìka kọ̀ọ̀kan ti gé, ohun tí ọwọ́ náà kò lè ṣe mọ́, àti pé kò ní àtúnṣe. Ọjọ́ 14 ni òṣìṣẹ́ ní láti sọ fún ọ̀gá, ọ̀gá ní ọjọ́ 7 láti fi tó àjọ létí, ẹ má sì jẹ́ kí ọdún kan kọjá kẹ́ ẹ tó béèrè owó náà.