Òwú já, ìkòkò fọ́: yíyan ọ̀rọ̀ nínú ìwé atúmọ̀-èdè

"Ẹ jọ̀ọ́, mò ń túmọ̀ ìwé pélébé Gẹ̀ẹ́sì kan nípa àwọn ahunṣọ àti amọ̀kòkò Ìlọrin. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, bíréèkì, ni wọ́n lò fún òwú lórí òfì àti fún ìkòkò nínú iná. Ìwé atúmọ̀-èdè to fọ́, ṣẹ́, dá, já, sán àti rú sílẹ̀ fún un. Èwo ni kí n mú? Àbí kí n lo ẹyọ kan jálẹ̀?"

Ẹ má lo ẹyọ kan jálẹ̀ o. Òwú kò ní yọ yín lẹ́nu, já ni. Ìkòkò ló gba sùúrù.

Ẹ wo àmì tó wà láàrin àwọn ọ̀rọ̀ náà ná. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé atúmọ̀-èdè, kọ́mà ló máa ń wà láàrin àwọn tí ìtumọ̀ wọn sún mọ́ra, sẹmikọ́lọ́nù sì ń sọ fún yín pé a ti bọ́ sórí ìtumọ̀ mìíràn. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, torí náà ẹ ka àlàyé tó wà níwájú ìwé tiyín. Èyí tí wọ́n sì kọ ṣáájú kì í ṣe ọ̀gá àwọn tó kù. Mo ti rí àwọn tó jẹ́ pé fọ́ ni wọ́n ń mú ṣáá torí pé òun ló wà níwájú.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bi ara yín pé kí ni nǹkan náà ṣe. Okùn, òwú àti ẹ̀wọ̀n ń já. Igi ń ṣẹ́ tàbí kó dá. Àwo, ẹyin àti dígí ń fọ́. Rú ní tirẹ̀ ń wá òfin kiri, èèyàn ló sì ń rú u. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé ìkòkò já, òǹkàwé á rò pé ó bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan ni.

Àmọ́ ìkòkò lè fọ́, ó sì lè sán, Gẹ̀ẹ́sì a sì pe méjèèjì ní bíréèkì nígbà míì. Ìkòkò tó sán ṣì wà lódindi, ìlà ló là á. Èyí tó fọ́ ti di àpáàdì. Ohun tí ìwé atúmọ̀-èdè kò lè sọ fún yín nìyẹn, inú ìwé tí ẹ ń túmọ̀ ni ẹ ó ti rí i. Ẹ ka gbólóhùn tó tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá ní àwọn amọ̀kòkò náà ń ṣa èyí tó kù jọ láti fi bo ìkòkò mìíràn nígbà tí wọ́n bá tún ń sun, ó ti fọ́ nìyẹn, torí ohun tó sán lásán kò ní àpáàdì. Bí wọ́n bá ní kò lè gba omi dúró mọ́, sán ni kí ẹ kọ.

Oníbàárà kan wà tó ní kí n fi fọ́ sí gbogbo ibẹ̀, kí iṣẹ́ náà lè bára mu. Mo ka a sétí ìyá kan tó ń mọ ìkòkò ní Dada, lágbègbè Òkèlélé. Ìyá ní, "Òwú fọ́ kẹ̀? Ṣé wọ́n fọ òwú ni?" Oníbàárà náà ò tún jiyàn mọ́.

Ìbéèrè ìyá yẹn náà ló jẹ́ kí n máa yẹ ohùn wò. Fọ́ olóhùn òkè yàtọ̀ sí fọ̀ tí a ń ṣe fún aṣọ. Fọ̀ sì tún máa ń pa ohùn dà: bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e, ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ á di ohùn àárín, bíi fọ aṣọ, fọ òwú. Fọ́ kì í yí padà, fọ́ ìkòkò ni títí. Ẹ tún yẹ ọ̀rọ̀ tí ẹ mú wò ní apá Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì, bí ìwé yín bá ní in, kí ẹ rí i bóyá ìtumọ̀ tí ẹ fẹ́ náà ni wọ́n kọ síbẹ̀ àti bóyá àpẹẹrẹ wọn jọ gbólóhùn yín.

Ẹ tún wo ìsàlẹ̀ pátápátá níbi tí ìwé atúmọ̀-èdè ti ṣàlàyé bíréèkì, níbi tí àwọn àkànpọ̀ ọ̀rọ̀ sábà máa ń wà. Ààwẹ̀ ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́. Bíréèkì ààwẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ṣínu ni. Bí èèyàn bá mọ̀ọ́mọ̀ jẹun lọ́sàn-án, ó ba ààwẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ni. Ààwẹ̀ kan náà ni o, àsìkò ló yí ọ̀rọ̀ padà. Ẹ fi èyí kan ṣe èkejì ní Ìlọrin, kí ẹ wo bí wọ́n á ṣe wò yín.

Fún iṣẹ́ tiyín, bí ẹ bá rí àpáàdì nínú gbólóhùn tó tẹ̀ lé e: "Bí òwú bá já, ahunṣọ á so ó, á sì máa hun lọ. Bí ìkòkò bá fọ́ nínú iná, wọ́n á ṣa àpáàdì rẹ̀ jọ." Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó kọ Gẹ̀ẹ́sì náà kí ẹ tó yan fọ́ tàbí sán.